Bọ́ọ̀sì tí a fi ń pín búrẹ́dì: ṣé iye kan náà ni ká máa yọ lọ́dọọdún, àbí ìdá kan lórí ìyókù?

Oníbúrẹ́dì Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọkọ mi ló ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kékeré kan ní Òṣogbo. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù méjì la fi ń pín búrẹ́dì dé Ìkìrun, Ẹdẹ àti Iléṣà. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì. A ra èkíní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, a ra èkejì ní oṣù Keje ọdún yìí, ₦12,000,000 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wa títí tó fi bọ́ sójú ọ̀nà. Ọdún mẹ́rin la fẹ́ fi lò wọ́n ká tó tà wọ́n. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀. Wọ́n ní irú bọ́ọ̀sì yìí, tí ẹnì kan bá ti lò ó fún ọdún mẹ́rin nílẹ̀ yìí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára, ₦4,900,000 ni wọ́n ń tà á lónìí.

Ohun tó ń dà wá láàmú rèé. Ọmọkùnrin tó ń kọ ìwé owó wa yọ ₦3,000,000 kúrò nínú iye bọ́ọ̀sì èkíní lọ́dún tó kọjá, ìyẹn ìdínkù tí a ń kọ sínú ìwé torí ọkọ̀ ń gbó. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun yóò ṣe máa yọ ọ́ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan lọ́dún kẹrin. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kò fara mọ́ ọn. Ó ní ìdá kan lórí ohun tó bá kù ló yẹ ká máa yọ, torí owó ọkọ̀ kì í já wálẹ̀ lọ́gbọọgba. A fẹ́ yá owó ra ààrò kejì, báǹkì sì ń béèrè ìwé owó ọdún méjì. Èwo ni ká mú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Àbúrò ọkọ yín ló tọ̀nà, mà. Kò sí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kì í já lulẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ìdá 25 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ ₦4,900,000 tí ẹ máa tà á kúrò nínú mílíọ̀nù méjìlá, yóò ku ₦7,100,000. Ìdá 25 nínú ìyẹn ni kí ẹ máa mú lọ́dọọdún, lórí ohun tó bá ṣẹ́kù. Ó parí.

Sísí Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yẹn dé òpin ká rí ibi tó máa já sí. Tí a bá ń mú ìdá 25 lórí ìyókù ₦7,100,000, nígbà tí ọdún mẹ́rin bá pé, nǹkan bíi ₦2,246,000 ṣì wà níbẹ̀ tí a kò tíì yọ. Ẹ wá fi ₦4,900,000 tí ẹ yà sọ́tọ̀ kún un. Ìwé yóò sọ pé bọ́ọ̀sì yẹn tó ₦7,146,000, ọjà yóò sì fún yín ní ₦4,900,000. Àdánù tó lé ní mílíọ̀nù méjì yóò bọ́ lu ìyá yìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó bá tà á, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin ló yẹ kó jọ gbé e.

Tí ẹ bá fẹ́ lo ìdá lórí ìyókù, ẹ má yọ owó títà, ìyẹn iye tí ẹ máa ta ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ṣáájú. Inú ìdá yẹn gan-an ni owó títà ń gbé. Ìdá tí yóò gbé mílíọ̀nù méjìlá dé nǹkan bíi ₦4,900,000 láàárín ọdún mẹ́rin là ń wá, ìdá 20 ló sì gbé e débẹ̀:

Ọdún 1: ẹ yọ ₦2,400,000, ó ku ₦9,600,000
Ọdún 2: ẹ yọ ₦1,920,000, ó ku ₦7,680,000
Ọdún 3: ẹ yọ ₦1,536,000, ó ku ₦6,144,000
Ọdún 4: ẹ yọ ₦1,228,800, ó ku ₦4,915,200

Lọ́nà ọgbọọgba ńkọ́? Ibẹ̀ la ti máa ń yọ owó títà ṣáájú. Ẹ pín ₦7,100,000 sí ọ̀nà mẹ́rin, ₦1,775,000 lọ́dọọdún. Ohun tí ìwé yóò máa kà ni ₦10,225,000, ₦8,450,000, ₦6,675,000, lẹ́yìn náà ₦4,900,000.

Ẹ wo bí ọ̀nà méjèèjì ṣe parí síbì kan náà. Ibi tí wọ́n ti jìnnà síra jù ni òpin ọdún kejì, ₦770,000 sì ni ìyàtọ̀ ibẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí akọ̀wé owó yín ṣe. ₦3,000,000 tó yọ fi ₦1,225,000 ju èyí tó yẹ lọ lórí bọ́ọ̀sì kan, lọ́dún kan. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, gbogbo ọdún ni èrè yín yóò kéré ju bó ṣe rí lọ. Lọ́dún tí ẹ bá wá tà á, ₦4,900,000 yóò jáde bí èrè òjijì. Nítorí náà, kí ẹ tó bá ara yín jà lórí ọ̀nà, owó títà tó gbàgbé ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà.

Bàbá Tòkunbọ̀

Ọkọ̀ ni mò ń tà, mi ò mọ ìwé owó. Àmọ́ mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe fún Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọkọ̀ tó ń sọ, tó ń já lulẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ọkọ̀ tuntun láti ilé iṣẹ́ ni. Ẹni tó lo tòkunbọ̀ lókè òkun ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìjábọ́ yẹn kó tó dé èbúté. Lẹ́yìn tí tiyín bá ti wọ orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n lò ní Nàìjíríà, ó tún máa já díẹ̀, torí oníbàárà kò ní kà á sí tòkunbọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń rọra lọ ni. Bọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́wàá àti ti ọlọ́dún mọ́kànlá, tí ara wọn bá dọ́gba, owó wọn kò jìnnà síra lọ́dọ̀ mi.

Ohun tó ń dín owó rẹ̀ kù lọ́dọ̀ wa ni ìsàlẹ̀ tó ti dípẹtà, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí kò pé. Ìyá, ẹ tọ́jú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù yín dáadáa. Bí ẹ bá sì kọ orúkọ búrẹ́dì yín sí ara ọkọ̀, ẹni tó máa rà á yóò yọ owó ọ̀dà kúrò nínú ohun tó fẹ́ san.

Ó ku kan. ₦4,900,000 tí wọ́n sọ fún yín, iye tí oníbàárà ń san ni. Owó alágbàtà wà nínú rẹ̀, owó pánẹ́lì àti ọ̀dà kó tó ṣeé gbé síta náà wà níbẹ̀. Lójú mi, ₦4,500,000 ni yóò wọ àpò yín.

Dìsípáàṣì Akúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kadà lèmi ń lò ní tèmi, mo fi ń pín oúnjẹ àti ẹrù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀nà tó bá ń yọ owó púpọ̀ ṣáájú ni kí ènìyàn mú, torí owó orí. Tí èrè bá kéré nínú ìwé, owó orí náà á kéré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú ìdá 50 lórí ìyókù. Ọ̀kadà tèmi kì í sì í ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó lò ó bàjẹ́.

Sísí Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n Akúrẹ́, ọ̀rọ̀ owó orí kì í gba ibẹ̀ yẹn lọ. Ìdínkù yòówù kí ẹ yọ nínú ìwé yín, àwọn agbowó orí máa ń dá a padà sórí èrè. Kápítàlì àláwáǹsì tí òfin fi lélẹ̀ ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀, ìdá tiwọn sì ni, kò kan èyí tí ẹ mú. Ẹ mú ìdá 10, ẹ mú ìdá 50, iye kan náà ni èrè tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí. Ẹni tí ìwé yín ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin fúnra yín, alájọṣe yín, àti báǹkì.

Fún ọ̀kadà tí a ń lò títí tí kò fi ní ṣeé tà mọ́, ọ̀rọ̀ owó títà kò pọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí ìbéèrè ìyá yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo gba ti owó títà tí a kì í yọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé ọgbọọgba ló dára jù. Ẹ ro ti àtúnṣe mọ́ ọn. Lọ́dún kìíní, ọ́ìlì àti bíréèkì lásán ni. Lọ́dún kẹta àti ìkẹrin, jíà, ẹsẹ̀ ọkọ̀, bóyá ẹ́ńjìnnì odindi. Tí a bá yọ ìdínkù púpọ̀ ṣáájú, tí a sì yọ díẹ̀ lẹ́yìn, àtúnṣe tó ń gòkè yóò bá a pàdé, gbogbo ìnáwó ọkọ̀ yóò sì wà lójú kan láti ọdún dé ọdún. Ṣé ìyẹn kò bójú mu?

Àgbà Akáńtáǹtì

Ó bójú mu, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò tíì tó. Mo ti pẹ́ nídìí ìwé owó, ọ̀pọ̀ ni mo sì gbọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀. IAS 16, ìlànà ìwé owó àgbáyé lórí ọkọ̀, ẹ̀rọ àti ilé, kò béèrè pé kí ìnáwó wa wà lójú kan. Ohun tó ní ká fi yan ọ̀nà ni bí a ṣe ń jẹ àǹfààní ohun náà tán. Àtúnṣe jẹ́ ìnáwó ọ̀tọ̀ tó ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé. Kódà, bí owó ọkọ̀ náà ṣe ń já wálẹ̀ lọ́jà láti ọdún dé ọdún kọ́ ni a fi ń mọ ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fi nǹkan hàn wá.

Ẹ wá wo bọ́ọ̀sì búrẹ́dì. Ó ń jí lọ sí Ìkìrun láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ń padà, ó tún ń lọ sí Ẹdẹ. Lọ́dún kẹrin, ṣé ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni yóò máa rìn, ṣé iye búrẹ́dì kan náà ni yóò sì máa gbé? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ọgbọọgba ni àǹfààní tó ń ṣe yín, ọ̀nà ọgbọọgba ló sì bá a mu. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wà tí ọkọ̀ tuntun wọn ń lọ ọ̀nà jíjìn, tí ó bá sì ti di ọdún kẹta, wọ́n á fà á sẹ́yìn, á di ọkọ̀ ìrọ́pò tó ń jáde nígbà tí òmíràn bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù ṣáájú ni. Ìdá lórí ìyókù yẹ ẹ́.

Àtúnṣe tí Ọmọ Ìjẹ̀bú ń sọ lè di ẹ̀rí, tó bá jẹ́ pé ó ń gba ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀. Ìyá, ẹ wo ìwé tí awakọ̀ yín ń kọ ìrìn sí. Ẹ ka ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì wà nílé lọ́dún kan, kí ẹ sì máa kọ kìlómítà òpin ọdún sílẹ̀. Tí kìlómítà bá ń lọ sílẹ̀ gan-an láti ọdún dé ọdún, ẹ yí ọ̀nà padà. Tó bá dúró lójú kan, ẹ fi ọgbọọgba sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìkejà

Ìjíròrò yìí dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa wá, torí ó kan owó títà tí Sísí ń tẹnu mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, a ra bọ́ọ̀sì akẹ́rù ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ọdún márùn-ún la fẹ́ fi lò ó, a sì fi owó títà sí mílíọ̀nù mẹ́ta, nítorí náà mílíọ̀nù kan là ń yọ lọ́dọọdún. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, owó tòkunbọ̀ fò sókè, ti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí náà sì tẹ̀ lé e. Ní òpin ọdún yẹn, bọ́ọ̀sì wa wà ní mílíọ̀nù márùn-ún nínú ìwé. Bọ́ọ̀sì tó ti lo ọdún márùn-ún, tó rí bí tiwa yóò ṣe rí nígbà tá a bá fẹ́ tà á, ti di mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ lọ́jà.

Ayẹ̀wé-owó-wò wa ní ká dá ìdínkù dúró. Owó títà ti ga ju iye inú ìwé lọ, kò sí nǹkan tó kù láti yọ, odo ni à ń kọ láti ọdún 2024. Ó ní tí owó ọjà bá já wálẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún, ká tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. A kò gbé iye ọkọ̀ sókè nínú ìwé o, a kàn dá yíyọ dúró ni.

Ibi tó ti fẹ́ di wàhálà ni pé èrè wa wá rí ńlá. Alájọṣe mi fẹ́ ká pín in. Mo ní ká lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀sì tí yóò rọ́pò rẹ̀ ná. Nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀, ó dákẹ́. Owó ríra àtijọ́ ni ìdínkù inú ìwé ń pín, kì í tọ́jú owó ọkọ̀ tó ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n Ìkejà, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣebí kí ìyá yìí ti fi owó títà rẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́jọ láti ìsinsìnyí, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí?

Àgbà Akáńtáǹtì

Rárá o. A kì í fi ìrètí pé ọjà yóò wọ́n kún owó títà. Ìbéèrè tí ìlànà ní ká bi ara wa ni pé: ká ní bọ́ọ̀sì yìí ti gbó lónìí tó bí yóò ṣe gbó nígbà tí a bá fẹ́ tà á, èló ni yóò wọ àpò wa lónìí, lẹ́yìn ìnáwó títà? Iye òní la ń wá, lára ọkọ̀ ọ̀la. Ohun tí ìyá yìí béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ gan-an nìyẹn, ó sì béèrè dáadáa. Tí ọjà bá yí lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó tún béèrè ní òpin ọdún, kí ó sì tún ìṣirò ṣe láti ibẹ̀ lọ.

Sísí Ìṣirò

Níbí ni mo ti fẹ́ ọgbọọgba jù fún wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé lẹ́yìn ọdún méjì, owó títà di mílíọ̀nù méje. Lọ́nà ọgbọọgba tí mo kọ lókè, ìwé ń kà ₦8,450,000. Ẹ yọ mílíọ̀nù méje kúrò, ẹ pín ìyókù sí ọdún méjì tó kù, ₦725,000 lọ́dún kan. Akọ̀wé owó wọn lè ṣe é lórí tákàdá. Lọ́nà ìdá lórí ìyókù, ìwé ń kà ₦7,680,000, ìdá 20 kò sì bá a mu mọ́ rárá. Ìdá tuntun yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4.5. Ẹni tí kò mọ̀ pé inú ìdá ni owó títà ń gbé yóò máa yọ ìdá 20 lọ, yóò sì gbé ọkọ̀ náà kọjá owó rẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Oníbúrẹ́dì Òṣogbo

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo ti wo ìwé awakọ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni bọ́ọ̀sì èkíní ń rìn láti ìgbà tá a ti rà á, a ò sì ní in lọ́kàn láti fà á sẹ́yìn. Àmọ́ akọ̀wé owó wa ní Excel ní iṣẹ́ tó ń ṣe ìdínkù fúnra rẹ̀, ó ní DDB lòun fẹ́ lò. Ṣé ó dáa? Kí la sì máa ṣe sí ₦3,000,000 tó ti yọ lọ́dún tó kọjá?

Sísí Ìṣirò

Kó má lo DDB, mà. Ìlọ́po méjì ìdá ọgbọọgba ló ń mú, ìdá 50 nìyẹn fún ọdún mẹ́rin. Tó bá fi ₦4,500,000 ti Bàbá Tòkunbọ̀ ṣe owó títà, DDB yóò yọ ₦6,000,000 lọ́dún kìíní, ₦1,500,000 lọ́dún kejì, odo lọ́dún kẹta àti ìkẹrin. Ọkọ̀ yóò máa gbé búrẹ́dì lọ fún ọdún méjì gbáko láìsí ìdínkù kankan nínú ìwé. Irú ọkọ̀ tó ní owó títà gidi ni DDB máa ń ṣì lọ́nà jù. SLN, iṣẹ́ Excel fún ọ̀nà ọgbọọgba, ni kó kọ:

```
=SLN(12000000,4500000,4)
```

₦1,875,000 ni yóò fún un. Tó bá fẹ́ mọ ìdá lórí ìyókù láti fi wé e:

```
=1-(4500000/12000000)^(1/4)
```

Nǹkan bí ìdá 21.75 nìyẹn. Fún bọ́ọ̀sì èkejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje, oṣù mẹ́fà péré ni kó kà lọ́dún yìí, ₦937,500.

Àgbà Akáńtáǹtì

Lórí ₦3,000,000 yẹn, èrò mi ni pé kí wọ́n má padà sẹ́yìn. Owó títà jẹ́ ohun tí a fojú díwọ̀n, tí ìdíwọ̀n bá sì yí, iwájú la ń tún un ṣe sí. Bọ́ọ̀sì èkíní wà ní ₦9,000,000, ó ku ọdún mẹ́ta. Ẹ yọ ₦4,500,000, ẹ pín ìyókù sí mẹ́ta, ₦1,500,000 lọ́dọọdún bẹ̀rẹ̀ láti ọdún yìí.

Sísí Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Ká ní wọ́n ti fojú díwọ̀n rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ọjà wá yí, iwájú ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó díwọ̀n nǹkan kan. Wọ́n mọ̀ pé wọn yóò ta ọkọ̀ náà, àwọn tó ń ta ọkọ̀ sì wà nítòsí, akọ̀wé sì kọ odo. Àṣìṣe nìyẹn lójú tèmi, ọdún tó kọjá ló sì yẹ kí wọ́n tún ṣe: ₦1,875,000 ni kó jẹ́, kí bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ní ₦10,125,000. Ọdún yẹn sì wà nínú ìwé tí báǹkì fẹ́ wò.

Àgbà Akáńtáǹtì

Ó ku ọwọ́ ẹni tó máa yẹ ìwé wọn wò, àti bí ₦1,125,000 ṣe tóbi tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè wọn. Tí èrè ọdún yẹn bá jẹ́ ogójì mílíọ̀nù, n kò ní yọ ara mi lẹ́nu. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, màá gbà pẹ̀lú Sísí.

Oníbúrẹ́dì Òṣogbo

Ó sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ju ogójì lọ, sà. Ọgbọọgba la ó mú, pẹ̀lú ₦4,500,000. Ti ọdún tó kọjá, màá gbé e lọ bá ayẹ̀wé-owó-wò kí a tó fún báǹkì ní ìwé. Bàbá Tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa béèrè iye ọjà lọ́wọ́ yín ní gbogbo oṣù Kejìlá?

Bàbá Tòkunbọ̀

Ẹ béèrè, ìyá. Ẹ ya àwòrán ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti ibi tí kìlómítà wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ mọ́ ọn. Láìrí méjèèjì, mi ò ní dárúkọ iye kankan.